Un, in, im àti dis: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe èdè Gẹ̀ẹ́sì di òdì rẹ̀

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti JAMB máa ń béèrè jù lórí àwọn àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́rin yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbàlagbà tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Mo ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kọ wọ́n gan-an, nítorí pé lẹ́tà wọn ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Kí ló dé tí èdè Gẹ̀ẹ́sì fi nílò àfòmọ́ tó pọ̀ tó báyìí, nígbà tí "àì" nìkan tó fún Yorùbá?

Nínú èdè Yorùbá, àfòmọ́ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: láti ara "gbọ́ràn" a ní "àìgbọràn", láti ara "mọ̀" a ní "àìmọ̀", láti ara "ní sùúrù" a ní "àìnísùúrù". Ẹni tí èyí ti mọ́ lára yóò fẹ́ mú "un" kan ṣoṣo, kí ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá bá pàdé. Ibẹ̀ ni "unpatient", "unhonest" àti "uncorrect" ti ń wọ inú ìwé wa.

Ìtàn ló fà á tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi rí bẹ́ẹ̀. "Un" jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní ọdún 1066, ọ̀rọ̀ Faransé àti ti Látìn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ èdè náà lọ́pọ̀ yanturu, púpọ̀ nínú wọn sì gbé àfòmọ́ tiwọn dání, èyí tí í ṣe "in" àti "dis". Nítorí náà, "impossible" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan jókòó hun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó ṣe wà ló ṣe wọlé. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn méjèèjì ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sì ń kọ "unpossible" ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún láìsí ẹni tó bá wọn wí. Nínú ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi kéde òmìnira wọn ní ọdún 1776, "unalienable" ni a kà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ "inalienable" ni Thomas Jefferson kọ nígbà tó ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Lónìí, "inalienable" ló wọ́pọ̀ jù.

Mi ò gbọ́ Látìn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ fún "un" àti èyí tó yẹ fún "in"?

Ẹ má ṣe wo iwájú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ wò, nítorí pé ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló sábà máa ń fi ìdílé rẹ̀ hàn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ọmọdé máa ń kọ́kọ́ gbọ́, bíi "kind", "fair", "true", "wise" àti "well", ń gba "un". Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó parí sí "y" bíi "happy", "lucky" àti "healthy", pẹ̀lú àwọn tó parí sí "ful" bíi "helpful", "faithful" àti "grateful". Èyí tó dájú jù nínú gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí a ṣẹ̀dá láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe tó sì parí sí "ed" tàbí "ing". Ẹni tí kò kàwé jẹ́ "uneducated", àwáwí tí kò wọni létí jẹ́ "unconvincing". Bí ẹ bá rí "ed" lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ mú "un" láìfòyà, àyàfi tí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí ń gba "dis", tí a óò dé ibẹ̀ láìpẹ́, tàbí "inexperienced", tí ó yàtọ̀.

Ní ti "in", àwọn ìparí tó bá a rẹ́ jù ni "ible", "ent", "ant", "ate", "ite" àti "ct". Èyí ló fà á tí a fi ní "invisible" fún ohun tí ojú kò rí, "inconsistent" fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró lójú kan, "intolerant", "inaccurate", "infinite" àti "incorrect". Ṣùgbọ́n àwọn tó sá kúrò nínú agbo pọ̀ díẹ̀: "unpleasant" àti "unfortunate" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ń lò lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ "ant" àti "ate" ló wà lẹ́yìn wọn.

Ìparí kan wà tí kò sọ ohunkóhun fúnni, òun ni "able". "Unbelievable", "unbearable" àti "unacceptable" ń gba "un", nígbà tí "incurable", "incapable" àti "inseparable" ń gba "in". Ohun tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ níbí ni pé kí n yọ "able" kúrò, kí n sì wo ohun tó ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó pé lójú, tí ènìyàn ń sọ lójoojúmọ́, bíi "believe", "bear", "accept" tàbí "forget", "un" ló sábà máa ń gbà. Bí ó bá jẹ́ èérún tí kò lè dá dúró, bíi ti "capable" àti "inevitable", "in" ni. Ìtọ́sọ́nà lásán ni èyí, nítorí pé "cure" ń dá dúró, síbẹ̀ "incurable" ni wọ́n ń sọ.

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "in" tàbí "im" kì í gba "in" mọ́?

Òótọ́ ni, ìlànà tó wúlò púpọ̀ sì ni. Etí kì í fẹ́ gbọ́ "in" lórí "in". Nítorí náà, ohunkóhun tí ì báà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, "un" ni ẹ ó mú: "unimportant", "unintelligent", "uninteresting", "unimaginable", "uninformed". "Intelligible" parí sí "ible", tí ó yẹ kí ó gba "in", ṣùgbọ́n "unintelligible" ni òdì rẹ̀, nítorí bí iwájú rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀kan tó tako ìlànà yìí ni "inimitable", èyí tó túmọ̀ sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe àfarawé rẹ̀.

Ìgbà wo ni "in" ń di "im"?

Nígbà tí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e bá jẹ́ p, b tàbí m. Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹnu: kọ́ńsónáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a ń pa ètè méjèèjì dé kí a tó pè, "n" sì máa ń di "m" kí ètè lè tètè dé ibi tó ń lọ. Ọmọ Yorùbá ń ṣe èyí láìronú sí i. Ẹ sọ "ó ń lọ", kí ẹ tún wá sọ "ó ń bọ̀" àti "ó ń pè mí", ẹ ó sì rí i pé ètè yín ti pa dé nínú méjì ìkẹyìn. Àwọn bàbá wa kì í tilẹ̀ fi í pamọ́ nínú ìwé, "mbọ̀" àti "mbẹ" ni wọ́n ń kọ, kí àkọtọ́ òde òní tó sọ pé kí a máa kọ "ń" sí iwájú gbogbo kọ́ńsónáǹtì. Gẹ̀ẹ́sì ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe dún: "impossible", "impatient", "imperfect", "immature", "immoral". Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b tí ó sì ń gba "im" kò wọ́pọ̀ rárá. P àti m ni ẹ ó máa bá pàdé.

Ohun kan náà ló fà á tí a fi ní "illegal" níwájú l àti "irregular" níwájú r. "In" kan náà ni gbogbo wọn, aṣọ ló yàtọ̀.

Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú p ló ń gba "im" nígbà náà?

Rárá o. Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ sórí èyí, nítorí pé òun ni àṣìṣe tí àwọn tó ti kọ́ òfin "im" máa ń ṣe jù. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò ní agbára láti yan láàrin "un" àti "in". Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àti ìdílé rẹ̀ ló ń yàn. Ìgbà tí a bá ti yan "in" tán ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wá sọ bóyá yóò dúró bẹ́ẹ̀ tàbí yóò di "im".

"Un" ní tirẹ̀ kì í yí padà rárá. Ó dúró bí ó ṣe wà nínú "unpopular", "unproductive", "unpleasant", "unmarried" àti "unbearable", àní bí ètè tilẹ̀ fẹ́ pa dé níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí "impopular", kò sí "improductive". Bákan náà, kò sí "inpossible", nítorí pé "in" kì í dúró níwájú p nínú ọ̀rọ̀ òdì Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè méjì ni, wọ́n sì ní ètò: àkọ́kọ́, ṣé "un" ni tàbí "in"? Èkejì, bí ó bá jẹ́ "in", lẹ́tà wo ló tẹ̀ lé e?

Mo ń rí "incomplete", mo sì ń rí "uncompleted building" lára ògiri. Èwo ló tọ̀nà?

Àwọn méjèèjì tọ̀nà, wọ́n sì fi ohun tí a ń sọ hàn kedere. "Complete" jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ti Látìn, nítorí náà ó gba "in". Nígbà tí a bá fi "ed" kún un, ó di ọ̀rọ̀ tó ti ara ọ̀rọ̀-ìṣe wá, "ed" sì fà á lọ sọ́dọ̀ "un". Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni "incompleted", tó mú iwájú ọ̀kan, tó sì mú ẹ̀yìn èkejì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn sábà máa ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní "unfinished building", ṣùgbọ́n "uncompleted" wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Irú ìbejì báyìí pọ̀, ìtumọ̀ wọn sì máa ń yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò tíì pinnu ẹni tí yóò dìbò fún jẹ́ "undecided". Ẹni tí kì í lè pinnu ohunkóhun, tí ó jẹ́ ìwà rẹ̀, jẹ́ "indecisive". Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ olóògbé kò tíì pín jẹ́ "undivided". Ohun tí kò ṣeé pín rárá jẹ́ "indivisible". Ẹ ó rí i pé èyí tó ní "ed" ń sọ pé nǹkan náà kò tíì ṣẹlẹ̀, èkejì sì ń sọ̀rọ̀ nípa bí nǹkan ṣe rí láti ìpìlẹ̀.

"Dis" ń kọ́? Kò dà bíi pé ó ní ìparí kankan tó ń wá.

Kò ní i lóòótọ́. Ọ̀nà tí a fi ń dá tirẹ̀ mọ̀ yàtọ̀: ẹ wò bóyá ọ̀rọ̀-ìṣe tàbí ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ ẹbí ọ̀rọ̀ náà ti ń lo "dis". Nítorí pé a ní "disobey", a ní "disobedient". Nítorí pé a ní "disrespect", a ní "disrespectful", kì í sì í ṣe "unrespectful", bí "ful" tilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Disagree" ló bí "disagreeable", "dissatisfy" ló sì bí "dissatisfied", èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oní-"ed" tí mo dá sí lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn tó ṣẹ́ kù kéré débi pé a lè há wọn sórí: "dishonest", "disloyal" àti "dissimilar" ni ẹ ó máa bá pàdé jù. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ oní-"dis", a máa ń gbọ́ pé nǹkan kan ti tú, ti yapa, tàbí pé ẹnì kan ń kọ̀. "Un" kàn ń sọ pé nǹkan náà kò sí níbẹ̀ ni.

Ṣé ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin "unqualified" àti "disqualified"?

Ìyẹn gan-an ni. Ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí jẹ́ "unqualified". Olùdíje tí wọ́n yọ kúrò nínú ìbò jẹ́ "disqualified"; ó ṣeé ṣe kí ó ní gbogbo ìwé ẹ̀rí tó yẹ, ṣùgbọ́n a ti gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà, ilé tí a kọ́ tí a kò tíì gbé jẹ́ "unused", ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ ojú irin tí a ti pa tì lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ rí jẹ́ "disused".

Èyí tó ń fa àríyànjiyàn jù ni "uninterested" àti "disinterested". Èkíní ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wù ú gbọ́. Èkejì ni ẹni tí kò ní èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì lè ṣe ìdájọ́ láìṣègbè. A fẹ́ kí adájọ́ jẹ́ "disinterested". Bí ó bá jẹ́ "uninterested", ó lè sùn lọ nígbà tí ẹjọ́ wa ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo èkejì fún èkíní lónìí, títí kan àwọn tó ni èdè, ṣùgbọ́n nínú ìwé tó ní í ṣe pẹ̀lú òfin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyàtọ̀ náà mọ́.

Kí ló dé tí "unable" fi ń di "inability"?

Nítorí pé ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti ọ̀rọ̀-orúkọ lè wá láti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Unequal" ní "inequality", "unjust" ní "injustice", "unstable" ní "instability", "ungrateful" sì ní "ingratitude". Àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ yìí wọlé láti Látìn ní odidi, pẹ̀lú "in" lórí wọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn gba "un" ti ilé.

Ní Nàìjíríà, eléyìí ní àpẹẹrẹ tí kò jẹ́ àjèjì sí wa. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé ètò "War Against Indiscipline" kalẹ̀, ọ̀rọ̀ "indiscipline" sì di ohun tí tẹrú tọmọ mọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń pe ènìyàn ní "indisciplined". Ọ̀rọ̀-orúkọ ni "indiscipline". Ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí ẹ ó kọ nínú ìdánwò ni "undisciplined", nítorí "ed" tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà wo ni lẹ́tà ń di méjì, bíi ti "unnecessary"?

Ẹ kọ àfòmọ́ náà tán, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà tán, ẹ má ṣe yọ lẹ́tà kankan. "Un" àti "necessary" fúnni ní n méjì. "Dis" àti "satisfied" fúnni ní s méjì. "Im" àti "mature" fúnni ní m méjì. Ṣùgbọ́n "obedient" kò ní s níwájú, nítorí náà s kan ṣoṣo ló wà nínú "disobedient". Ẹni tó ń kọ "dissobedient" tàbí "unecessary" kò pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì kí ó tó kọ ọ́.

Ṣé gbogbo "in" tó wà níwájú ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́ di òdì?

Rárá, àìmọ èyí sì lè fa ewu. Lára ọkọ̀ tó ń gbé epo bẹntiróòlù, ẹ ó rí "highly inflammable". Ẹni tó bá rò pé "in" níbẹ̀ jẹ́ òdì yóò gbà pé epo náà kì í gbiná. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́: ó ń gbiná kíákíá. "In" yẹn wá láti ara "inflame", èyí tó túmọ̀ sí dídáná ran nǹkan, nítorí náà "flammable" àti "inflammable" jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ àmì ààbò òde òní fi ń kọ "flammable", wọ́n sì ń kọ "non-flammable" fún ohun tí kì í gbiná.

"Invaluable" tún jẹ́ ọ̀kan. Kò túmọ̀ sí ohun tí kò níye lórí. Ohun tí iye rẹ̀ kọjá kí a dá owó lé ni. "Inhabited" ni ibi tí ènìyàn ń gbé, òdì rẹ̀ sì ni "uninhabited", ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà tí a sọ pé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "in" ń gba "un".

Ẹ lè fi àpẹẹrẹ kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ jẹ́ kí a mú ìpínrọ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ nínú lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀:

"The road is inpassable when it rains. The contractor was unhonest and left the bridge incompleted. The people are unpatient and unsatisfied, and nobody has answered our letters, which is unresponsible."

"Passable" kọ́kọ́ ń béèrè ìdílé rẹ̀. "Able" ló parí sí, èyí tí kò sọ nǹkan kan, "pass" sì ń dá dúró, nítorí náà ìlànà wa yóò fẹ́ mú wa lọ sọ́dọ̀ "un". Ṣùgbọ́n "in" ni àṣà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún, p ló sì tẹ̀ lé e: "impassable". Irú èyí ni a ní láti wò nínú ìwé atúmọ̀ èdè. "Honest" wà lára àwọn díẹ̀ tí a há sórí fún "dis": "dishonest". "Incompleted" ní "ed" lẹ́yìn: "uncompleted", tàbí kí a yọ "ed" kúrò, kí a kọ "incomplete". Èmi yóò yan "incomplete" níbí, nítorí bí afárá náà ṣe wà ni lẹ́tà ń ròyìn. "Patient" parí sí "ent", p ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "impatient".

"Unsatisfied" gba àlàyé díẹ̀ sí i, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wà. A ń lò ó fún ohun tí a fẹ́ tí a kò tíì rí gbà tó, bí ebi tí kò tíì kúrò nínú ẹni. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tí ẹlòmíràn ṣe jẹ́ "dissatisfied", ó sì ní s méjì. "Responsible" parí sí "ible", nítorí náà "in" ló gbà, r tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì sọ "in" náà di "ir". Bí a bá kọ lẹ́tà náà dáadáa, yóò lọ báyìí:

"The road is impassable when it rains. The contractor was dishonest and left the bridge incomplete. The people are impatient and dissatisfied, and nobody has answered our letters, which is irresponsible."